Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Àdéhùn Kọmíṣọ̀n fún Aṣojú Ọjà Tó Jẹ́ Faransé Ló Ń Kà

Ká ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà fẹ́ ní aṣojú ní Pobẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àdéhùn, Faransé sì ni aṣojú kà níléèwé. Yorùbá ni tọ̀tún-tòsì jọ ń sọ lórí fóònù, ìyẹn ni kálukú fi rò pé ọ̀rọ̀ ti yé òun. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá bá wọn là á yé ara wọn, ẹ má túmọ̀ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ tán lójú aṣojú.

Ẹ kọ́kọ́ mú iye kọmíṣọ̀n. Ìwé ní 5%. Ẹ má pè é ní "ìdá márùn-ún" lásán. Ìdá mẹ́wàá tí à ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá fi etí yẹn gbọ́ "ìdá márùn-ún", ọ̀kan nínú márùn-ún ló gbọ́, ìyẹn 20%. Mo ti jókòó ti aṣojú kan tó ń retí 200 000 sefa lórí ọjà mílíọ̀nù kan, tó sì jẹ́ 50 000 ni ọ̀gá rẹ̀ ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Nínú ọgọ́rùn-ún sefa kọ̀ọ̀kan, sefa márùn-ún ni tiyín."

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kọ́mà náà. Nínú ìwé Faransé, kọ́mà ló ń ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdajì àti ìdámẹ́rin. 1,500 tí ará Èkó kà sí ẹgbẹ̀jọ ó dín ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan àtààbọ̀ ni lójú ẹni tó ka Faransé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ dípò kọ́mà, bí mo ṣe ń ṣe níbí.

Lẹ́yìn náà lẹ óò bi í pé: ọgọ́rùn-ún wo? Oníbàárà ra ike 1 000 000 sefa, wọ́n sì yọ 100 000 fún un. Ó ku 900 000. Owó orí ọjà ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 18%, ìyẹn 162 000, nítorí náà 1 062 000 ló wà lórí ínfọ́ìsì. Ìjọba ló ni 162 000 yẹn. Lórí 900 000 ni wọ́n ti máa ń ṣírò kọmíṣọ̀n, ó sì jẹ́ 45 000. Tí àdéhùn kò bá sọ iye tí a ti ń ṣírò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ agbègbè ló kàn. Tí ìwé bá ní "Pláátò", ọkàn ará Nàìjíríà á lọ sí Jọ́ọ̀sì, ti ará Bẹ̀nẹ̀ á sì wà nílé rẹ̀, nítorí pé Pláátò tiwọn ni Pobẹ̀, Kétu, Ṣakété, Ìfàǹhìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ìlú wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè tó le jù kò sí lórí máàpù: tí oníṣòwò Kétu bá wọkọ̀ wá sí Ọ̀tà, tó ra ike fúnra rẹ̀, ṣé kọmíṣọ̀n wà fún aṣojú? Lábẹ́ òfin òwò OHADA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, òfin tí wọ́n tún ṣe ní Lomé lọ́dún 2010, tí Bẹ̀nẹ̀ ń tẹ̀ lé tí Nàìjíríà kò sì sí nínú rẹ̀, aṣojú tí wọ́n fún ní agbègbè lè gba kọmíṣọ̀n lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó wà ní Ọ̀tà lè má ní in lọ́kàn rárá. Ẹ béèrè òfin orílẹ̀-èdè tí àdéhùn ń tẹ̀ lé, àti èdè tí wọ́n máa gbà bí ìwé méjèèjì bá ta kora.

Ìgbà tí owó bọ́ sí ẹ̀tọ́ aṣojú ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ṣé ìgbà tí oníbàárà ní òun á rà ni, ìgbà tí ike dé ọwọ́ rẹ̀, àbí ìgbà tí owó wọ báńkì? Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn, tí oníbàárà sì san 531 000 péré, ìdajì ló san, 22 500 sì ni aṣojú máa gbà báyìí. Ẹ tún ya ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó. Òfin OHADA ní kó má kọjá ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó tẹ̀ lé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí: tí ẹ̀tọ́ bá bọ́ sí oṣù kejì, tó wà nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún, ìparí oṣù kẹrin ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tún wà, "eventually", tó túmọ̀ sí "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín". Èyí tó jọ ọ́ ní Faransé, "éventuellement", "bóyá" ló ń jẹ́. Aṣojú tó bá kà á pé "bóyá a ó san án" kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ síbẹ̀.

Ní ìparí, ẹ fún un ní bébà àti bírò. Ẹ pe ọjà mìíràn, 600 000 láìka owó orí ọjà mọ́ ọn, tí oníbàárà san ìdámẹ́ta ínfọ́ìsì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Tó bá kọ 10 000, ẹ so bébà náà mọ́ àdéhùn, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Tó bá kọ iye mìíràn, ẹ padà síbi tí ìṣirò yín ti yà kúrò lára tirẹ̀.