Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Bí Ṣóńṣó Ewé Pèrègún Bá Ń Gbẹ Nínú Ilé

Pèrègún tí àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀, tó ń dúró lójúbọ Ògún láìsí ẹni tó ń bomi rin ín, òun náà ni wọ́n ń tà nínú ìkòkò ní Bámíńgámù níbi tí mò ń gbé. Mo ra ọ̀kan sí pálọ̀. Kò pé ọdún kan tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ fi gbẹ, tó pọ́n bí ewé tí iná rà, tó sì ń rún wómúwómú bí ìpékeré.

Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni, mo wá ń bomi sí i ṣáá. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ pèrègún, gbogbo ewé ló máa ń rọ wálẹ̀, ìkòkò náà á sì fúyẹ́ bí ẹ bá gbé e. Tèmi nàró ṣánṣán, àárín ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣóńṣó nìkan ló kú. Nígbà tí mo bomi sí i títí, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ilẹ̀ inú ìkòkò sì ń rùn. Gbòǹgbò ti ń jẹrà nìyẹn.

Ohun tó ń pa ṣóńṣó náà wà nínú omi fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò á fa omi, omi á gòkè dé ìparí ewé, níbẹ̀ ni yóò ti fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yọ́ sínú omi kì í fò. Ẹ̀yìn ló ń kù sí, bí iyọ̀ ṣe ń kù sínú abọ́ tí omi rẹ̀ gbẹ. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń fi fúlóráìdì sínú omi ẹ̀rọ Bámíńgámù nítorí eyín, nǹkan bíi mílígíráàmù 1 nínú líta 1. Eyín fẹ́ràn rẹ̀, pèrègún kò lè gbà á. Bí mo bá ń fún un ní ìdajì líta lọ́sẹ̀, mílígíráàmù 26 ló ń wọ ìkòkò lọ́dún kan. Ní ilé wa lọ́hùn-ún, òjò ló ń fọ ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú pálọ̀, kò sí ohun tó ń fọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe torí pé kẹ́tùlù yín kò ní èérí funfun kí ẹ sọ pé omi yín dára fún un. Láti òkè Wélìsì ni omi tiwa ti ń wá, kì í dì mọ́ kẹ́tùlù, síbẹ̀ fúlóráìdì wà níbẹ̀. Ẹ má sì sè é: omi ló ń dín kù, fúlóráìdì á wá ki sí i. Bí ẹ bá gbé omi kalẹ̀ mọ́jú, kilorínì lè lọ, fúlóráìdì kò ní lọ. Èyí tó burú jù ni omi tó ti gba inú ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ sọ omi di rírọ̀, torí iyọ̀ ló fi kún un. Omi òjò ni mo ń lò báyìí, mo gbé ike ńlá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀.

Ajílẹ̀ náà, iyọ̀ ni. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó dì sójú ilẹ̀ tàbí sí etí ìkòkò, ẹ má tún da ajílẹ̀ sí i pé ó ṣàárẹ̀. Ẹ yẹra pàápàá fún súpáfọ́sífeètì, torí fúlóráìdì wà nínú òun náà. Ìlàjì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ni mo ń fún un, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án nìkan, nígbà tó ń dàgbà.

Mo fọ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ìkòkò mi gba líta 4, nítorí náà mo gbé e sínú ibi ìwẹ̀, mo rọra da líta 8 omi òjò gba inú rẹ̀ kọjá, mo jẹ́ kó ro tán pátápátá. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jókòó sínú omi tó ro sí àwo, torí yóò tún fa iyọ̀ yẹn padà.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń mú kí gbogbo èyí yá. Nígbà òtútù tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bá ń ṣiṣẹ́, ewé ń tú omi sílẹ̀ kíákíá, gbòǹgbò á sì máa fa òmíràn pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Fífín omi sára ewé kò ràn án lọ títí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti gbẹ. Mo gbé tèmi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà lọ sí igun kejì.

Ibi tó ti gbẹ kò ní tutù mọ́. Ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e, ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́nrán díẹ̀ sílẹ̀ nínú èyí tó gbẹ. Bí ẹ bá gé wọ inú tútù, ojú ọgbẹ́ náà á tún gbẹ. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò. Ẹ̀kẹta tó yọ lẹ́yìn tí mo fọ ilẹ̀ ti gùn tó ìgbọ̀nwọ́ báyìí, ṣóńṣó rẹ̀ ṣì tutù.