Bí a ṣe ń tọ́jú kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan tí ó ń ta gàrí lọ́jà Kétu ní ilẹ̀ Benin ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọn 60 kílò, ó yàgbẹ́ gbuuru, ó sì bì fún ọjọ́ méjì gbáko kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju 80 lórí 50 lọ, kò sì tíì tọ̀ láti àná. Nítorí pé inú ń run ún, ó ti ń lo ibuporófẹ̀ẹ̀nì, oògùn ìrora kan.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi tí ìgbẹ́ àti èébì gbé lọ ti jáde. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, agbára tí ó fi ń wọ kíndìnrín yóò rẹlẹ̀, kíndìnrín yóò sì di omi tó kù mú, kí ìtọ̀ lè kéré kí ó sì dúdú. Ní àkókò yìí, kò tíì farapa. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ náà bá pẹ́, àwọn ọ̀pá tíntìntín inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi kò sì lè jí wọn lọ́jọ́ kan. Ibuporófẹ̀ẹ̀nì a máa mú kí ìparun yìí yára, nítorí ó ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti la iṣan rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ọ̀dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni omi. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ gan-an ni 100 mìlílítà omi oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ríńgà fún kílò kọ̀ọ̀kan, láti inú iṣan. Fún ìyá yìí, ó jẹ́ lítà 6: lítà 1.8 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lítà 4.2 láàárín wákàtí méjì àbọ̀ tó tẹ̀lé e. Arúgbó àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára kò lè gba irú ìkánjú bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kíka ìtọ̀, èyí tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo àyẹ̀wò lọ. Wọ́n á fi rọ́bà fa ìtọ̀ sínú àpò, wọ́n á sì máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ó yẹ kí ìyá yìí tọ̀ tó 30 mìlílítà ní wákàtí kan, ó kéré tán, ìyẹn ìdajì mìlílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn omi, òùngbẹ nìkan ló ń ṣe kíndìnrín, ó sì lè yá láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ìpele mẹ́ta ni àìsàn yìí ní, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló sì ń fi wọ́n hàn. Kireatínì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń kó dànù, jẹ́ mílígíráàmù 8 nínú lítà kan nígbà tí ara ìyá yìí le. Bí ó bá tó ìlọ́po kan àbọ̀, ìpele kìn-ín-ní nìyẹn; ìlọ́po méjì, ìkejì; ìlọ́po mẹ́ta, ìkẹta. Lọ́jọ́ tó dé, ó jẹ́ 17, ìpele kejì. Lọ́jọ́ kejì ó di 31, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì ju 8 mìlílítà lọ ní wákàtí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpá ti padà sípò. Ìpele kẹta ti dé, àwọn ọ̀pá náà ti farapa.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Omi tó gba ẹ̀mí là lánàá lè pa ni lónìí, nítorí kò rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò sì kún ẹ̀dọ̀fóró: bí aláìsàn kò bá lè sùn gbalaja láìmí hẹlẹhẹlẹ, omi ti pọ̀ jù. Àwọn ẹbí a máa bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ó lè dín omi tó pọ̀ jù kù, ṣùgbọ́n kì í wo kíndìnrín sàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí omi tó ń wọlé dọ́gba pẹ̀lú èyí tó jáde lánàá, kí a fi nǹkan bí 500 mìlílítà lé e. Ìyá yìí tọ̀ 200 mìlílítà, ó yàgbẹ́ 300, nítorí náà lítà kan péré ni ìpín rẹ̀, oúnjẹ olómi wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kọ gbogbo ife tó mu sínú ìwé.

Ewu kejì ni potasíọ̀mù, èròjà inú oúnjẹ tí kíndìnrín máa ń kó dànù bí ó bá pọ̀ jù. Ìgbẹ́ máa ń gbé e lọ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtọ̀ bá dá, yóò gòkè, ó sì lè dá ọkàn dúró láìsí ìkìlọ̀. Nítorí náà, kí àwọn alábẹ̀wò má gbé ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn wá. Abẹ́rẹ́ kálsíọ̀mù ń dáàbò bo ọkàn, ínsúlínì pẹ̀lú ṣúgà sì ń ti potasíọ̀mù wọnú ẹran ara, ṣùgbọ́n wákàtí mélòó kan péré ni agbára wọn fi ń ṣiṣẹ́. Bí potasíọ̀mù kò bá rọlẹ̀, bí omi bá kún ẹ̀dọ̀fóró tàbí bí iyè aláìsàn bá ń dàrú, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló kù. Láti Kétu, ọ̀nà jìn dé ibi tí ẹ̀rọ náà wà, nítorí náà kí dókítà ti pe ibẹ̀ kí ó tó di kòṣeémáàní.

Potasíọ̀mù ìyá yìí kò ga jù, ẹ̀rọ kò sì kàn án. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ìtọ̀ padà, ó sì di lítà mẹ́ta lójúmọ́, nítorí ọ̀pá tó ń sàn kò tíì mọ bí a ṣe ń di omi mú. Ìpín omi rẹ̀ ní láti pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òùngbẹ àkọ́kọ́ yóò padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kireatínì jẹ́ 10. Kò padà sí 8 mọ́, 10 yìí sì ni dókítà kọ sínú ìwé rẹ̀ fún àyẹ̀wò tó ń bọ̀.