Bí mo ṣe gba ètò Mọ́mì oníkaṣú lọ́wọ́ lúùpù méjì

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni owó láptọ́ọ̀pù. Mọ́mì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kàbà ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà, wọ́n á kó o sí ilé ìkẹ́rù, wọ́n á wá wo ìgbà tí ọjà bá dára kí wọ́n tó tà á. Ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn ló sọ pé ẹ̀rọ wọn ti gbó, pé òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ máa falẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n ra tuntun. Owó ńlá lọ. Ètò ò yé falẹ̀. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń han, bẹntiróòlù ń jó, àwa jókòó a ń wo ojú ẹ̀rọ tuntun bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀dá.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí Mọ́mì fẹ́ mọ̀ ò le. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ra kaṣú ni wọ́n ń kọ owó kílò kan sílẹ̀. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ mọ ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí owó kílò kọjá iye tí wọ́n fi ra tọjọ́ náà. Kaṣú tó wà nínú àpò ń gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ ń dín kù, nítorí náà bí owó bá máa pẹ́ kó tó lé, kí wọ́n tètè tà á ló sàn jù.

Mo ṣí kóòdù náà wò. Lúùpù kan wà nínú lúùpù kejì: ó dúró lórí ìlà kan, ó ń wo gbogbo èyí tó wà níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí owó tó jù ú, lẹ́yìn náà ló máa bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó bá ń gòkè, kíá ló ń rí ìdáhùn. Ìgbà tí owó bá ń wálẹ̀ ni wàhálà dé, torí gbogbo ìlà ló máa wò dé ìparí fáìlì láìrí nǹkan kan. Bí ìlà bá jẹ́ 200,000, tí owó sì ń wálẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìfiwéra 19,999,900,000 ni yóò ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe 10,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju ìṣẹ́jú 33 lọ. Ẹ̀rọ tó yá ní ìlọ́po méjì á dín in kù sí ìdajì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìlà bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Láptọ́ọ̀pù wo lèèyàn máa rà tó máa bá ìyẹn sáré? Mo fura pé owó ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, tó ń gòkè, ni ẹni yẹn fi dán an wò tó fi sọ pé ó ti dára.

Bí mo ṣe kó fáìlì jáde àti bí mo ṣe tò ó ní ọjọ́ sí ọjọ́, n kò ní fi ìyẹn da yín láàmú. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan Python rí ti mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní mònòtóníìkì sítáàkì. Dípò kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa jáde lọ wá ìdáhùn tirẹ̀, ó máa dúró ni. Àwọn tí ò tíì rí ìdáhùn wà nínú sítáàkì, ẹni tó dé kẹ́yìn ló wà lókè. Bí owó tuntun bá dé, a ó wo ẹni tó wà lókè: bí owó tirẹ̀ bá kéré sí tuntun, ìdáhùn rẹ̀ ti dé, a yọ ọ́, a wo ẹni tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí a bá ti bá ẹni tí kò kéré, a dúró, torí kò sí ẹni tó kéré lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí ni pé bí ẹnì kan bá kéré sí ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an la ti yọ ọ́. Nípò yìí, láti ìsàlẹ̀ sítáàkì dé òkè, owó ò lè gòkè láé.

Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì báyìí nìyí:

```python
def to_ju(a):
    esi = [None] * len(a)
    ite = []
    for i in range(len(a)):
        while ite and a[ite[-1]] < a[i]:
            esi[ite.pop()] = i
        ite.append(i)
    return esi
```

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà ìlà ló wà nínú `ite`, tó jẹ́ sítáàkì wa, kì í ṣe owó. Owó nìkan ò lè sọ iye ọjọ́ tó wà láàárín, ọjọ́ yẹn sì ni Mọ́mì ń wá.

Ẹ wo ìlà mẹ́jọ yìí, tí a kà láti 0: 900, 700, 700, 500, 800, 600, 1000, 800. Ìlà 0, 1, 2 àti 3 wọlé, kò sí ẹni tó jáde. Nígbà tí 800 dé ní ìlà 4, ó yọ 500, ó yọ 700 méjèèjì, ó bá 900, ó dúró. Àwọn mẹ́ta yẹn, 4 ni ìdáhùn wọn. Ìlà 5 wọlé pẹ̀lú 600. Ìlà 6 dé pẹ̀lú 1000, ó yọ 600, ó yọ 800, ó yọ 900 tó ti ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà 7 wọlé, fáìlì parí. Ìlà 6 àti 7 ló ṣẹ́ kù nínú sítáàkì, wọn ò ní ìdáhùn.

Ẹni tó kọ ètò àkọ́kọ́ rí kóòdù yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní `while` wà nínú `for`, pé lúùpù méjì náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú díẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì lè jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, mẹ́jọ wọlé, mẹ́fà jáde. Lórí ìlà 200,000, gbogbo wíwọlé àti jíjáde ò lè ju 400,000 lọ, bí owó ìbáà gòkè, ìbáà wálẹ̀. Lóòótọ́, owó kan lè dé kó yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tó yọ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹlòmíràn láti yọ. Mo tẹ `Enter`, èsì jáde kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.

Àmọ́ kó tó rí báyìí, ojú mi rí nǹkan. Àbúrò mi kan ní Lọ́kọ́ja ló fi kóòdù sítáàkì ti òun ránṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, torí ó ti ní i lọ́wọ́. Ó yára bí iná. Mọ́mì wo èsì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, òkun o. Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ti ra kaṣú ni owó ń lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ṣebí mi ò bá ti lówó ju báyìí lọ.” Òótọ́ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlà tó tẹ̀ lé e ni ìdáhùn gbogbo ìlà.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní fáìlì wa ló bàjẹ́, pé ìlà kan náà ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kí n pa àwọn ẹ̀dà rẹ́. Ẹ̀dà kẹ̀! Àgbẹ̀ mẹ́wàá lè tà fún Mọ́mì lọ́jọ́ kan ní iye owó kan náà, ìlà mẹ́wàá ni, ọjà mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá pa wọ́n rẹ́ ti da ìwé ìṣirò rú. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí a ṣe kọ ọjọ́, a wo bí a ṣe to fáìlì, a wo bóyá kọ́mà wà nínú owó. Kò sí èyí tó ní àbùkù. Ó ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé kóòdù òun ò lè ṣàṣìṣe, nítorí ó ti lò ó fún iṣẹ́ míì, èsì sì pé.

Ètò àtijọ́ tí mo ti ń bú ló gbà wá sílẹ̀. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í parọ́. Mo gé ìlà 500 àkọ́kọ́ nínú fáìlì, èyí tí kò lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún àwọn méjèèjì, mo ní kí ẹ̀rọ fi ibi àkọ́kọ́ tí wọn ò ti fẹnu kò hàn mí. Ibi tí owó méjì dọ́gba ni. Bí 700 àti 700 inú àpẹẹrẹ wa: ti àtijọ́ ní ìlà 1 dúró de ìlà 4, ti àbúrò mi ní ìlà 2 ló jù ú. Mo wo kóòdù rẹ̀, mo rí i pé `<=` ló kọ síbi tó yẹ kó jẹ́ `<`. Àmì kan péré! Owó tó bá dọ́gba náà ń yọ ẹni tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ owó tó dọ́gba kì í ṣe èrè fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ń gbẹ nínú àpò. Pẹ̀lú `<`, àwọn tó dọ́gba á jọ dúró nínú sítáàkì, ẹni tó bá jù wọ́n á wá yọ gbogbo wọn.

Ibi tí àbúrò mi ti mú un ló jẹ́ kó lágídí. Iṣẹ́ wíwá onígun mẹ́rin tó fẹ̀ jù lọ láàárín àwọn ọ̀pá tí gíga wọn yàtọ̀ ló fi kọ́ ọ. Níbẹ̀, èyíkéyìí nínú àmì méjèèjì tí èèyàn bá lò, iye tó tóbi jù kì í yàtọ̀, torí bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tó dọ́gba bá pàdánù fífẹ̀ rẹ̀, òmíràn nínú wọn á rí i pé. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ìlà kọ̀ọ̀kan la fẹ́, ọ̀kan ò lè bá òmíràn gbà á. Bí mo bá tún máa gba kóòdù báyìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, owó tó dọ́gba ni màá kọ́kọ́ jù sí i, 5, 5, 6, kí n tó jẹ́ kó fojú kan fáìlì gidi.

A tún àmì ṣe, èsì bọ́ sípò, àyàfi ìdí fáìlì. Mọ́mì ní báwo ni 800 ṣe lè ju 1000 lọ. Kóòdù tó wá láti Lọ́kọ́ja ń fi `-1` sí ibi tí kò sí ìdáhùn, ètò tó ń tẹ ìwé jáde sì ń wá `None` ní tirẹ̀. Nínú Python, `a[-1]` kì í ṣe àṣìṣe, nǹkan tó wà ní ìkẹyìn líísìtì ló ń mú wá, nítorí náà gbogbo ìlà tí owó ò tíì kọjá ń gba owó ìlà tó kẹ́yìn bí ẹni pé òun ló jù ú. Ẹ̀rọ ò pariwo, kò kọ nǹkan pupa kankan. Nígbà tí mo yọ nọ́ńbà ìlà kúrò nínú nọ́ńbà ìdáhùn rẹ̀, tó di nọ́ńbà òdì, ni àṣírí rẹ̀ tú. Ìdí nìyẹn tí `None` fi wà nínú èyí tí mo kọ sókè, tí ìwé Mọ́mì sì ń tẹ “kò tíì lé” sí iwájú àwọn ìlà wọ̀nyẹn.