Bí a ṣe ń wá àlàfo láàárín àkọlé àwọn tó ṣáájú wa lórí Google

Ká sọ pé àdìrẹ lẹ ń tà l'Òṣogbo, ẹ sì fẹ́ kọ ojú ìwé kan tí ẹni tó bá tẹ `adire osogbo` sórí Google yóò rí. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo orúkọ tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ fún tiwọn.

Ẹ ṣí New Incognito tab lórí Chrome. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Google lè gbé sáìtì tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ sókè fún yín, kẹ́ ẹ máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí i. Àmọ́ kò fi ibi tẹ́ ẹ wà pamọ́ o. Bó bá jẹ́ Èkó ni oníbàárà yín pọ̀ sí, ẹ ní kí ẹnì kan níbẹ̀ wá a, kó ya ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ fo èyí tí wọ́n kọ Sponsored sí, owó ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ da àkọlé mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e kọ sínú ìwé bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣèlérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìtàn ni, ọjà ni, àbí ẹ̀kọ́? Google máa ń pa àkọlé ẹlòmíì dà nígbà míì. Bí ọ̀kan bá ṣàjèjì lójú yín, ẹ wo `<title>` nínú View page source lórí kọ̀ǹpútà.

Ká ní mẹ́fà jẹ́ ìtàn, mẹ́ta ń tajà, ọ̀kan ń kọ́ni bí a ṣe ń rẹ aró. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iye owó, kò sì sẹ́ni tó sọ bí a ṣe ń dá èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Àlàfo rèé, àbí?

Ẹ ní sùúrù. Ibi tó ṣófo lè jẹ́ ibi tí kò sẹ́ni tó ń wá a. Ẹ tẹ `adire osogbo p`, kẹ́ ẹ wo bóyá `price` máa jáde lára àwọn àbá, kẹ́ ẹ sì wo àwọn ìbéèrè tó wà lábẹ́ People also ask. Bí wọn ò bá jáde, ẹ yẹ WhatsApp yín wò: bí àwọn èèyàn bá ń bi yín léraléra pé “Èló ni ọ̀pá kan?”, èmi ò ní wá ẹ̀rí míì.

Ìtàn tó pọ̀ tó mẹ́fà yẹn náà ní ohun tó ń sọ. Ó jọ pé Google gbà pé ìtàn lẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ yìí ń wá, ojú ìwé iye owó kò sì ní rọrùn láti wọ àárín wọn. Ẹ gbé tiyín lọ sórí `adire osogbo price`, kẹ́ ẹ sì ka àkọlé ibẹ̀ náà bákan náà.

Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ àkọlé tiyín, ẹ má jẹ́ kó ju bíi lẹ́tà 60 lọ, mo ní “bíi” torí fífẹ̀ àkọlé ni Google ń wò kó tó gé e, kì í ṣe iye lẹ́tà. “Àdìrẹ Òṣogbo: iye owó ti ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ” máa gba ibẹ̀ dáadáa.