Òǹtẹ̀ tí kò ní orúkọ lábẹ́: bí mo ṣe bi ẹlẹ́rìí kan ní ìbéèrè ní kóòtù

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni oníbàárà mi fi kún ọjọ́ tó ti lò látìmọ́lé, nítorí bébà kan tí mi ò tọ́jú dáadáa. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ̀sùn ọ̀hún ni pé ó já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan létí ọjà Òyìngbò, ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ alẹ́. Ẹni tó ni fóònù ò rí ojú olè. Ìyá aláta kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí nìkan ló ní ìṣojú òun ni. Ní kóòtù, Màmá nawọ́ sí ọmọkùnrin náà, wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi wo ojú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ohun tí Màmá fọwọ́ ara wọn kọ sínú sítéètimẹ́ǹtì ní tẹ́ṣàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé: "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ló wọ̀."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dìde, mo ka gbólóhùn náà sókè bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Olùpẹ̀jọ́ fò dìde. Abala 232 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé tí mo bá fẹ́ fi ìwé tako ẹlẹ́rìí, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ka ibi tí mo fẹ́ lò nínú rẹ̀ sí i, kí ìwé tó wọlé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé fọ́tókọ́pì lásán ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀dà tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí. Májísíréètì ti gbé bírò láti dájọ́ lórí rẹ̀ kí ọ̀gá mi tó gún mi níhàá: "Fà á padà!" Mo fà á padà kíá. Bí kóòtù bá ti kọ ọ́ sí ara ìwé pé òun kọ̀ ọ́, ìwé náà ti kú nìyẹn, kò tún ṣeé mú wá mọ́.

Mo wá lọ tọrọ ẹ̀dà tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sí nílé. Ìgbà kejì, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e, mo sì fi ayọ̀ wọkọ̀ padà. Ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí déètì, kò sí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, kò sí ipò rẹ̀. Rìsíìtì owó tí mo san ńkọ́? Wọn ò fún mi, èmi náà ò sì bèèrè. Abala 104 nínú òfin yẹn kan náà ló béèrè fún gbogbo rẹ̀: owó tí òfin là kalẹ̀, déètì, orúkọ, ipò, òǹtẹ̀. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ ṣe ìpàdé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta, mo jẹ gúgúrú méjì. Ẹ ka ohun tó wà lórí ìwé yín kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà.

Nígbà tá a padà sí kóòtù, mi ò kánjú. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí Màmá tún sọ ọ́ pé ojú ni àwọn rí, kí wọ́n má baà sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé mo ṣi àwọn gbọ́. Mo wá bi wọ́n: Ṣé ọwọ́ yín rèé? Ṣé alẹ́ ọjọ́ náà lẹ kọ ọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì tutù lọ́kàn yín nígbà yẹn ju òní lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni mo ní kí wọ́n wo ìlà kẹrin. Ìwé wọlé. Mi ò béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi yàtọ̀, torí mi ò fẹ́ fún wọn láyè àlàyé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tí Màmá ní àwọn fi wo ojú olè. Mo gba àyè lọ́wọ́ kóòtù pé kí Màmá dijú, kí wọ́n sọ fún wa tó bá ti tó bí wọ́n ṣe wo olè náà tó. Gbogbo wa ń wo agogo ara ògiri. "Ó ti tó," ni wọ́n wí. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún ni. Ewu wà nínú ìyẹn o: tó bá bọ́ sí i fún ẹlẹ́rìí, ìwọ lo tún ẹjọ́ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo pàdé Màmá níta lọ́jọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé irọ́ lo ní mo pa?"

"Rárá, Mà."

"Mo mọ ojú yẹn. Òun nìkan ni wọ́n fi hàn mí ní tẹ́ṣàn, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Àtìgbà yẹn ló ti ń wá sí mi lójú."

Mi ò bi wọ́n léyìí ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n. Òǹtẹ̀ ló gba gbogbo orí mi.