Ẹ yé kọ "owó àti àkókò kò tó": àṣìṣe inú ìpínrọ̀ ìkùdíẹ̀-káàtó

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ ṣe ìwádìí nípa ikọ́ ní ebu gàrí 22 ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà ọyẹ́. Ó ṣẹ́ gègé, ó fi yan 84 nínú àwọn obìnrin tó bá níbẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ní àwọn wúkọ́ láàárín oṣù kan. Ó tún fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ebu 19 kò ní ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ìpínrọ̀ ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀, níbi tó ti yẹ kó sọ ibi tí ìwádìí rẹ̀ kù sí, rèé: "Owó àti àkókò kò tó, àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ kéré, ẹ fi ìṣọ́ra lo àbájáde wa."

Irú gbólóhùn yìí ti sú mi. Àìsówó lè jẹ́ ìdí, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí iṣẹ́ ti kù díẹ̀ káàtó. Àbájáde wo gan-an la ó sì fi ìṣọ́ra lò? Méjì ló wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: kéèyàn da gbogbo àbájáde sínú agbọ̀n kan. Ihò èéfín, ojú ló kà á. Ọyẹ́ kò lè yí i padà. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ló ní wàhálà. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ a máa fa ikọ́, ìyẹn lè fẹ iye náà lójú. Ẹni tí ikọ́ sì ti lé kúrò ní ebu kò sí níbẹ̀ láti dáhùn, ìyẹn lè dín in kù. Ẹ má wá sọ pé ọ̀kan pa ìkejì rẹ́ o: ta ló wọn èwo ló wúwo jù? Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò bi obìnrin tí kì í yan gàrí ní ohunkóhun.

Bí èmi yóò ṣe tún un kọ nìyí:

"Nínú obìnrin 84, 31 ló wúkọ́, ìyẹn bíi 37 nínú 100. Nítorí pé àwọn tí a bi kò pọ̀, iye gidi láàárín àwọn tó wà ní ebu wọ̀nyí lè wà láàárín 27 sí 47 nínú 100. Ìgbà ọyẹ́ lè mú kí iye yìí ga ju ti ìgbà òjò lọ. Àwọn tí àìsàn ti lé kúrò ní ebu kò sí nínú rẹ̀. A kò fi wọ́n wé àwọn tí kì í yan gàrí, nítorí náà a kò lè sọ pé èéfín ló fa ikọ́. Èyí kò kan iye ebu tí kò ní ihò èéfín, àmọ́ ebu 22 yìí nìkan ni iye náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Àṣìṣe kan ṣì kù tó máa ń sá pamọ́. Wọ́n á tún ìpínrọ̀ yìí ṣe tán, wọ́n á wá fi àkọlé sílẹ̀ bó ṣe wà: "Bí Èéfín Ṣe Ń Fa Ikọ́ Láàárín Àwọn Obìnrin Ìjẹ̀bú". Ẹ padà síbẹ̀. Ẹ yọ "fa" kúrò, kí ẹ sì fi ebu Ìjẹ̀bú-Igbó rọ́pò gbogbo Ìjẹ̀bú.