Bí a ṣe fi ₦380,000 ṣe hónímúùnù ní Àgbádárìgì

Nígbà tí a ka owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wa níwájú orí tán, tí a sanwó àtíbàbà àti ti alásè, ₦380,000 ló ṣẹ́kù. Ọkọ mi ní ká gbé e lọ sí Dùbáì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìkòròdú là ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé ká wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá, nínú yàrá tí ariwo ò ní bá wa sùn, ká sì rí ohun méjì tàbí mẹ́ta ṣe tí àwa méjèèjì ò ṣe rí. Mo mú Àgbádárìgì. Ó jìnnà débi tí ẹbí ò fi lè sọ pé àwọn kàn ń kọjá ni àwọn bá ní káwọn yà, síbẹ̀ owó ọkọ̀ ibẹ̀ ò lè pa wá.

Ọjọ́ tí a lọ ló dín ìnáwó wa kù jù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ṣègbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ wa sì rò pé òtẹ́ẹ̀lì la máa gbà lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé la sùn sí, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, a jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Yàrá tí wọ́n ń gba ₦60,000 lé lórí lópin ọ̀sẹ̀, ₦42,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa láàárín ọ̀sẹ̀. Òru mẹ́rin tí a sùn jẹ́ ₦168,000, bẹ́ẹ̀ òru mẹ́ta péré lópin ọ̀sẹ̀ ì bá jẹ ₦180,000. Ẹ má sì gbàgbé pé lópin ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará Èkó máa ń gbé gbohùngbohùn tó ga tó ilẹ̀kùn wá sétí òkun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwa méjèèjì àti ológbò kan la jókòó létí omi.

Díẹ̀ ló kù kí n kó sọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tí àwòrán rẹ̀ dáa lórí fóònù. Ọ̀sán ni mo pè wọ́n, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n tún pè ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ń pariwo kí n tó lè gbọ́ ọ. Mo bi í pé níbo ni jẹnẹrétọ̀ wọn wà. Ó ní, “Ẹ̀yìn yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ yẹn náà ni, mà.” Mo dúpẹ́, mo lọ wá ibòmíràn. Ibi tí a padà lọ, mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá gan-an, kí wọ́n fi fóònù ya fídíò láti orí bẹ́ẹ̀dì. Odi ilé mìíràn ni fèrèsé yàrá àkọ́kọ́ kọjú sí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó rí omi.

N kò sọ̀rọ̀ hónímúùnù létí wọn kí n tó sanwó. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ ọ́, ni wọ́n bá fi owó òdòdó àti bàlúùnù lé owó yàrá. Nígbà tí a dé ni ọkọ mi tó sọ ọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sì gbé àwo èso kan wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àbẹ́là mẹ́rin tí mo rà lọ́jà Ìkòròdú ló kù tí a fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ wà lára ìgbádùn. A ò gba Máìlì 12 kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó nínú gosiló? A wọkọ̀ ojú omi ní Ìpàkodò lọ sí Màrínà, a wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ọkọ mi sì di ọwọ́ ìjókòó mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Màrínà, a bọ́ sínú réluwé aláwọ̀ búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2023, ó gbé wa dé Máìlì 2. Ẹ rí i pé owó wà nínú káàdì Kọ́rì yín, wọn kì í gbowó lọ́wọ́. Nínú bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì, a sanwó ìjókòó mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má fún mọ́ wa. Nínú gbogbo ohun tí a rà nínú ìrìn àjò yẹn, ìjókòó kẹta yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Àlọ àti àbọ̀, ₦36,000 la ná sórí ọkọ̀.

Ọjọ́rú la fi sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú. Ọkọ mi kọ́kọ́ bi mí pé, “Ìyàwó mi, ọ̀nà tí wọ́n kó èèyàn gbà tí wọn ò padà sílé mọ́, ibẹ̀ la fẹ́ lọ fi ṣe hónímúùnù?” N kò rí èsì kankan fún un. Ohun tí a ṣe ni pé a kó gbogbo ìtàn sí ọjọ́ kan náà, a fi ọjọ́ yòókù sílẹ̀ fún ara wa.

Díróòpù la gbà létí ọ̀sà, ₦20,000 àlọ àti àbọ̀, ọlọ́kọ̀ yóò sì dúró dè wá fún wákàtí mẹ́ta. Ó fẹ́ gba gbogbo owó náà, ọkọ mi ní ìdajì ni, ìdajì ń bẹ lẹ́yìn. A padà dé etí omi, a bá tọkọtaya kan tí ọlọ́kọ̀ wọn ti lọ. Wọ́n ti san tiwọn tán pátápátá. A gbé wọn.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, torí orí iyanrìn lẹ máa rìn kẹ́ ẹ tó dé òkun, iyanrìn náà sì máa ń gbóná bí àwo búrẹ́dì nígbà tó bá dọ̀sán. Bàtà onígìgísẹ̀ kékeré ni mo wọ̀, mo bọ́ ọ sọ́wọ́ kí a tó rìn jìnnà. A kọjá kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Láti ibẹ̀ lọ, a ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. A ki ẹsẹ̀ bọ òkun, a ò wẹ̀, torí ìgbì ibẹ̀ máa ń fà. Ọmọkùnrin kan fi àdá la àgbọn méjì fún wa, a sì pín ẹran inú rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí a padà, a wọ ilé Séríkí Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, níbi tí yàrá ẹrú 40 wà, a tún rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845. Owó ìwọlé àti owó amọ̀nà jẹ́ ₦14,000. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti padà sí yàrá, a pa fóònù.

Oúnjẹ ọjọ́ yòókù jẹ́ ₦72,000, àmọ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la ya ₦28,000 sọ́tọ̀ fún. Dípò ilé oúnjẹ ńlá, a ra ẹja tútù láàárọ̀ lọ́wọ́ ìyá kan létí ọ̀sà, a fún alásè òtẹ́ẹ̀lì ní ₦5,000 kó sun ún pẹ̀lú ata, kó sì din ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. A jẹ ẹ́ lẹ́yìn yàrá, iná àbẹ́là ń jó, ẹ̀fọn sì ń jẹ ẹsẹ̀ wa. Kò jọ ti fíìmù o. Mo fi ìdajì oògùn ẹ̀fọn pa ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó fi ìdajì pa tèmi.

₦42,000 tí a fi sílẹ̀ fún ìṣòro kò níṣòro tó ná an. A fi ra àgbọn àti gààrí fún ìyá ọkọ mi, a mú ìyókù wá sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan la fún ní nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì, òun ló sì ń dá gbogbo ẹbí lóhùn fún ọjọ́ márààrún. Títí di òní, Mọ́mì ṣì ń bi í pé òtẹ́ẹ̀lì wo ni.